Wíìlì Ìyá Oníbúrẹ́dì

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, ẹ̀yìn ọjà Apọ́ngbọ̀n ni mo ti ń fi ẹ̀rọ fá irin. Àwa méjì péré la wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀gá mi jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tí kì í jẹ́ kí àkókò ìrun kan kọjá òun. Èmi ti kọ́ṣẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lọ. Ẹnu rẹ̀ mú, tèmi náà ò kú, àwọn aládùúgbò sì máa ń rò pé ìjà la ń jà nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ la ń ṣe.

Òfin kan wà tí ọ̀gá mi kì í yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ béárìn: “Jẹ́ kí ọ̀pá mú un, kí ilé rẹ̀ fún un láyè.” Òrùka irin méjì ni béárìn, kékeré nínú ńlá, àwọn ọta róbótó sì wà láàárín wọn. Ti inú ni ọ̀pá máa ń wọ̀, ti ìta ló máa ń jókòó sínú ihò tí a ń pè ní ilé rẹ̀. Àwọn tó ṣe béárìn máa ń sọ bí ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ṣùgbọ́n bí o bá fá ọ̀pá àti ilé sí iye yẹn gan-an, o ò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Ó yẹ kí o mọ èyí tó máa mú béárìn pinpin àti èyí tó máa dẹ̀ díẹ̀. Bí a bá sì ní díẹ̀, bóyá ìlàjì nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì kan ni. Irun orí nípọn ju ìyẹn lọ dáadáa.

Òfin ọ̀gá mi kò jáni kulẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì, bẹ́ẹ̀ ni kò jáni kulẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń fa omi, torí ọ̀pá ló ń yí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi bi ara rẹ̀ léèrè rárá nígbà tí ìyá oníbúrẹ́dì gbé iṣẹ́ wá.

Opó ni ìyá yìí, ọmọ Àgùdà, ilé wọn kò jìnnà sí wa. Ọkọ rẹ̀ fi ààrò búrẹ́dì sílẹ̀ fún un àti ẹ̀rọ kan tó ń po ìyẹ̀fun. Bẹ́líìtì ló so ẹ̀rọ náà mọ́ ẹ́ńjìnì, wíìlì irin kékeré kan ló sì ń tẹ bẹ́líìtì yẹn kó má baà yọ̀. Wíìlì náà, tí béárìn wà nínú ihò rẹ̀, tí ọ̀pá sì gba inú béárìn kọjá, ló bàjẹ́. A ṣe òmíràn, ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló wọn ọ̀pá àti ihò, ìyá sì fi àdúrà lé wa lórí.

Kò pẹ́ tó fi padà dé. Ó gbé wíìlì náà àti ọ̀pá rẹ̀ sórí tábìlì wa bí ẹni gbé òkú ẹyẹ kalẹ̀.

“Ọ̀gá, ó tún ti ń pariwo. Ó ń gbóná, bẹ́líìtì ò dúró mọ́.”

Ọ̀gá mi ní, “Ìyá, ẹ̀yin lẹ ò fi gírísì sí i.”

“Mo fi sí i. Ẹ wo ọwọ́ mi.” Gírísì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ lóòótọ́. Ó wá jókòó sórí àpótí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. “Àbúrò ọkọ mi ti mú ẹni tó máa gba ààrò náà wá. Wọ́n ní obìnrin ò lè dá bá ẹ̀rọ jà. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn máàsì, gbogbo ẹbí ń bọ̀ nílé. Tí wọ́n bá bá ẹ̀rọ náà ní dídákẹ́, ó parí nìyẹn.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọ̀gá mi da wíìlì náà dé, ó wo inú ihò rẹ̀. Ibẹ̀ ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n fi eérú fọ̀, ó sì ti fẹ̀ sí i. Ọ̀pá ni mo wò ní tèmi. Kò ní àpá kankan lára.

Mo ní, “Ọ̀gá, ilé ni nǹkan ń jẹ, kì í ṣe ọ̀pá.”

“Mo lójú.”

Ó ní ká gbé e lọ sílé ìyá. Níbẹ̀, ó so ó padà sí ipò rẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà kan láti orí òrùka ìta bọ́ sórí wíìlì, ó sì fa òmíràn láti orí òrùka inú bọ́ sórí ọ̀pá. Ó ní kí ìyá tan ẹ́ńjìnì díẹ̀, kó sì pa á. Nígbà tí wíìlì dúró, ìlà ti inú ṣì wà ní ọ̀kan. Ìlà ti ìta ti pín sí méjì, ìdajì kan níhìn-ín, ìdajì kejì lọ́hùn-ún.

Ọ̀gá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. “Ọ̀pá ibí yìí kì í yí,” ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Wíìlì ló ń yí.”

Ó wá yé mi. Apá kan ni bẹ́líìtì ń ti wíìlì sí nígbà gbogbo. Òrùka tó bá dúró jẹ́ẹ́, ojú kan ṣoṣo lára rẹ̀ ló ń gbé ẹrù yẹn. Èyí tó bá ń yí, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbé e ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, àyè tó bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀, bó ti wù kó kéré, òrùka náà á máa rákò nínú rẹ̀, á sì máa jẹ irin lọ. Èyí tó ń yí ló yẹ kó há. Òfin ọ̀gá mi ti yí padà lórí wíìlì yìí, kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

Ó kọjú sí ìyá. Mo rò pé gírísì ló tún máa dárúkọ.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣì í wọ̀n.”

Gbogbo ọdún tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

A fá wíìlì tuntun. Ẹ̀yìn béárìn náà jẹ́ mílímítà mẹ́tàdínláàádọ́ta, a sì jẹ́ kí ihò kéré sí i ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì kan. Ihò inú béárìn jẹ́ ogún mílímítà, a fá ọ̀pá kó kéré sí ìyẹn ní ìlàjì ìdá kan náà, kó lè wọlé pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ọ̀gá mi wọ̀n ọ́n, èmi náà wọ̀n ọ́n, a sì jà lé e lórí bí ìṣe wa.

Ó wá ku bí béárìn tuntun ṣe máa wọ ihò tó kéré jù ú lọ. A lè fi agbára tì í, ṣùgbọ́n béèyàn bá tẹ òrùka inú, àwọn ọta ló máa faragbá. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìyá, ọ̀gá mi wo ààrò, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó búrẹ́dì tí wọ́n fọwọ́ pò kúrò nínú rẹ̀.

“Ìyá, ẹ bá wa yan wíìlì yìí.”

Ìyá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi igi ìkóbúrẹ́dì gbígùn rẹ̀ ti irin náà wọlé, ó dúró tì í bí ó ṣe ń dúró ti búrẹ́dì, òun fúnra rẹ̀ ló sì fà á jáde. Ọ̀gá mi ta omi sí i, omi náà hó, ó gbẹ. Ó gbé béárìn tútù lé ojú ihò. Ó wọlé wẹ́rẹ́, kò ní ariwo kankan. Nígbà tí irin fi máa tutù, kò sí bó ṣe lè jáde mọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, a wà níbẹ̀. A ní a wá wo wíìlì, ṣùgbọ́n ojú ń kán wa. Àbúrò ọkọ wọlé pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ gba ààrò, àwọn àgbà ẹbí tẹ̀lé wọn. Ẹ̀rọ ń pò lẹ́yìn ilé. Èèyàn ní láti tẹ́tí kó tó gbọ́ ọ.

Ẹni tó fẹ́ gba ààrò rìn lọ síbẹ̀, ó fọwọ́ kan orí ọ̀pá, ó fi í síbẹ̀ pẹ́. Kò gbóná. Ó wo àbúrò ọkọ, ó ní, “Ẹ sọ fún mi pé ó ti kú.”

Ìyá ti ń gbé búrẹ́dì gbígbóná bọ̀ lórí àwo.

“Ọkọ mi,” ló pe àbúrò ọkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti ń pe wọ́n, “ẹ jókòó. Ààrò ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ jẹun.”

Ó jókòó. Ọ̀gá mi àti èmi náà gba tiwa, a sì jẹ ẹ́ láì jà.