Ìwé Tó Lọ, Tó Tún Kù Lọ́wọ́ Ó-ti-dé

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa, tí ẹ béèrè ilé mẹ́sẹ́ńjà ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n lè má mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ó-ti-dé, ọmọdé tó ń ṣeré nílẹ̀ á fà yín lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀ títí irun orí rẹ̀ fi funfun bí òwú, lẹ́tà ló ń gbé kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Kẹ̀kẹ́ dúdú lábẹ́ rẹ̀, àpò awọ lọ́rùn rẹ̀, ṣòkòtò kakí rẹ̀ sì gan pẹ̀lú sítáàṣì débi pé bó bá bọ́ ọ, ṣòkòtò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá rìn lọ síbi iṣẹ́. Bó bá dé ọ́fíìsì, kì í pariwo. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á rọra ní, "Ó ti dé." Kálukú á gbójú sókè.

Nínú gbogbo ibi tó máa ń lọ láyé ìgbà yẹn, ojú fèrèsé kékeré kan ló wù ú jù, níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ ìjọba. Obìnrin sísanra kan tó máa ń fi bírò há irun ló jókòó síbẹ̀. Kò sí ìwé tó ń gbà láìkà. Á ka orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n tò sísàlẹ̀ lẹ́tà, á máa pè é bí ẹni ń pe ọmọ rẹ̀ wálé oúnjẹ: ìwé kìíní, á fọwọ́ kàn án, ìwé kejì, á fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá pé, á gbé òǹtẹ̀ lé e, gbì! Lẹ́yìn náà ni yóò buwọ́ lùwé tí Ó-ti-dé mú lọ́wọ́, pé òun ti gbà á. Títí dòní, bí Ó-ti-dé bá gbọ́ òórùn yíǹkì, ojú rẹ̀ á rọ̀.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló ti kọ́gbọ́n ẹ̀rù. Awakọ̀ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú lẹ́tà dípò ẹ̀dà. Fáìlì gbé e mì. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i, ọkùnrin náà ò sì rí iṣẹ́ tó ń wá gbà. Láti ọjọ́ náà ni Ó-ti-dé ti ní ojúlówó ìwé kan kò ní í ti ilé òun jáde mọ́. Ó kó ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ sínú àpótí páànù, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́rùn.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin kọ́ iṣẹ́ títọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ló ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n tìjọba lọkàn rẹ̀ wà. Ọdún lé ọdún, àyè kò ṣí. Ìgbà tó wá ṣí, ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń tẹnu mọ́ ààlà: bí tọdún yìí bá fi lè kọjá, ìjọba ò ní í gbà á mọ́ láé. Ìpolówó náà ní orí íméèlì nìkan ni kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí, kí aago mẹ́rin ọjọ́ ìparí tó lù, àti pé àwòrán ojúlówó ìwé ni àwọn fẹ́, àwọn ò gba ti ẹ̀dà.

Ọjọ́ ìparí náà ló ráyè kúrò níbi iṣẹ́. Láàárọ̀, ó bẹ bàbá rẹ̀ kó fún òun ní ìwé ọjọ́ ìbí òun. Bàbá wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú fóòtòkópì tí yíǹkì rẹ̀ ti ṣá. Ọmọ ò yẹ̀ ẹ́ wò, ó kì í bọ àpò.

Ìyá Kọ̀ǹpútà, obìnrin tó ń bá ará àdúgbò fi íméèlì ránṣẹ́, ló ni ṣọ́ọ̀bù tó lọ. Obìnrin náà kì í fi ohunkóhun ránṣẹ́ láìṣí ìwé kọ̀ọ̀kan wò lójú ẹ̀rọ. Ó ṣí ìkíní, ó dára. Ó ṣí ìkejì, ó sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn.

"Àǹtí, ṣé èèfín ni wọ́n fi tẹ ìwé yìí ni? Mi ò rí ọjọ́, mi ò rí oṣù. Ẹ̀dà ẹ̀dà lèyí. Wọ́n á jù ú nù."

Ọ̀rọ̀ di ti fóònù. Ọmọ ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ pé ojúlówó ni wọ́n fẹ́, pé aago mẹ́rin ò jìnnà mọ́. Lódìkejì, bàbá béèrè pé:

"Ta ló máa buwọ́ lùwé pé òun gbà á?"

"Kò sẹ́ni tó máa gbà á, bàámi. Ẹ̀rọ á kàn yà á ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mú un padà sílé."

Ó-ti-dé jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú. Ó rántí ojú awakọ̀ ọjọ́sí. Ó tún rántí ohùn ọmọ rẹ̀, bó ṣe ń gbọ̀n tó sì ń díbọ́n pé kò gbọ̀n. Ó dìde, ó ṣí àpótí. Ìwé náà wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá, ó mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ó gbọn eruku àpò awọ, ó gbé e kọ́rùn. Táyà kẹ̀kẹ́ ti jò látọdúnmọ́dún, nítorí náà ẹsẹ̀ ló fi rìn, ó ń yára bí ẹni tí ọ̀gá àgbà ń dúró dè. Ó kọjá níwájú ọ́fíìsì àtijọ́. Wọ́n ti mọ búlọ́ọ̀kù dí ojú fèrèsé kékeré náà. Kò dúró, ṣùgbọ́n ó rọra tẹ orí ba.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ìyá Kọ̀ǹpútà ní kó wọlé. Ó gbé ìwé náà jáde, kò sì fi etí rẹ̀ sílẹ̀ títí wọ́n fi tẹ́ ẹ sórí gíláàsì ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ kan rá kọjá lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti parí. Ó gba ìwé rẹ̀, ó yẹ iwájú wò, ó yẹ ẹ̀yìn wò. Kò sí ibi tó bu. Ó gbójú sókè, ìwé kan náà ló ń wò ó lójú kọ̀ǹpútà.

"Ó lọ, ó sì tún wà lọ́wọ́ mi," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá.

Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n ka lẹ́tà fóun. Ọmọ rẹ̀ kà á: "Sí Akọ̀wé Àgbà, Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé Ìwòsàn Ìjọba. Ọ̀gá mi tí mo bọ̀wọ̀ fún: Ìwé Ìbéèrè fún Iṣẹ́ Olùtọ́jú Àkọsílẹ̀ Aláìsàn. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ ìwé yìí láti béèrè fún àyè tí ẹ polówó…" Bàbá ń mi orí. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n to àwọn ìwé tó bá a rìn sí, ó gbé ìka sókè.

"Pè wọ́n."

"Ìkíní, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìkejì, ìwé ọjọ́ ìbí. Ìkẹta, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Ìkẹrin, lẹ́tà ẹlẹ́rìí láti ọ̀dọ̀ dókítà ibi iṣẹ́ mi."

Bó ti ń pè é ni bàbá ń wá nọ́ńbà kan náà lára fáìlì lójú kọ̀ǹpútà, tó sì ń fọwọ́ kàn án. Ìyá Kọ̀ǹpútà ní kí bàbá jọ̀ọ́, ojú kọ̀ǹpútà òun kì í ṣe ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn. Bàbá ń fọwọ́ kàn án lọ. Wọ́n pé. Ọmọ tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Wọ́n ní kó jókòó. Ó ní wọn ò tíì buwọ́ lùwé fún òun. Ẹnu ọ̀nà ló padà lọ dúró sí, àpò lọ́rùn, títí ẹ̀rọ fi dún tín-ín, tí ọmọ rẹ̀ sì kà á jáde pé ìgbìmọ̀ ti rí ìwé ìbéèrè rẹ̀ gbà. Aago mẹ́rin ò tíì lù.

Ó-ti-dé mí kanlẹ̀. Ó rọra ní, "Ó ti dé."

Wọ́n pe ọmọ náà fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì ní kó kó àwọn ojúlówó wá fún àyẹ̀wò. Ta ni ẹ rò pé ó gbé wọn lọ, tó sì dúró síta nínú oòrùn títí wọ́n fi dá wọn padà? Lónìí, ojú fèrèsé kan lọmọ náà jókòó sí nílé ìwòsàn ìjọba. Bí wọ́n bá gbé káàdì aláìsàn wá, kì í gbà á láìpè é ní nọ́ńbà, láìfọwọ́ kàn án. Nígbà mìíràn, bàbá arúgbó kan á gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́hùn-ún, kò ṣàìsàn, kò wá káàdì kankan. Á kàn di ojú, á máa gbọ́ òǹtẹ̀: gbì, gbì.