Àyè Má-Sọ-Síta

Finífiní ni gbogbo ọ́fíìsì ń pe olórí ẹ̀ka ìpolówó, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Eruku kì í sùn lórí tábìlì rẹ̀. Bí o bá gbé bíírò rẹ sílẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ níwájú rẹ̀, yóò ti tún un tò kí o tó parí ọ̀rọ̀ rẹ. Ìwà dáadáa ni, ta ló máa bá a wí sí i? Ìwà dáadáa yẹn náà ló sì kó o sí ìtìjú.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọpa ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìjà ni lójoojúmọ́ láàárín àwọn olùpolówó àti àwọn olùtajà. Níbi àfihàn ọjà kan, ẹ̀ka Finífiní kó ẹgbẹ̀rin orúkọ àwọn tó ṣeé ṣe kó rajà bọ̀. Àwọn olùtajà pe ogún, wọ́n da ìyókù nù.

“Pàǹtírí lẹ kó fún wa.”

“Ẹ̀yin lẹ ò mọ èèyàn pè.”

Nígbà tó sú ọ̀gá, ó kó ẹ̀ka méjèèjì jókòó sídìí tábìlì kan ṣoṣo. “Ilé-iṣẹ́ ńlá kì í ra ọjà wa bí ẹni ra búrẹ́dì,” ló wí. “Èèyàn mẹ́fà, méje ló ń fẹnu kò lórí rẹ̀. Ẹ yan ilé-iṣẹ́ méjìlá péré, kí gbogbo wa gbájú mọ́ wọn. Mi ò fẹ́ gbọ́ iye orúkọ tí ẹ rí mọ́. Iye àwọn tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ méjìlá yẹn, tó ti gbà láti jókòó bá wa, lẹ máa sọ fún mi ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá tó àádọ́ta, wọ́n yọ ọ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú ọjà náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n yọ òun náà, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó. Nígbà tí méjìlá pé, wọ́n ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan fún wọn lórí kọ̀ǹpútà: ta ni yóò lò ó, ta ni yóò sanwó rẹ̀, ta ni yóò takò ó, kí ló ń dùn wọ́n. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àyè kan tó ń jẹ́ Má Sọ Síta. Arìnnà, ẹ̀gbọ́n wọn, ló ní kí wọ́n fi í síbẹ̀.

Arìnnà ló dàgbà jù nínú àwọn olùtajà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, bàtà rẹ̀ kì í sì gbélé. Òun ló mọ olórí ilé ìkẹ́rùsí ní ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò tó wà lókè àkójọ náà. Lọ́jọ́ kan, nínú ọkọ̀ lẹ́yìn géètì, ọkùnrin náà tú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún un: “Nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù tó ń kúrò lọ́dọ̀ wa, mẹ́tàdínlógún ló ń pẹ́ kó tó débẹ̀. Márùn-ún ni àwọn ọ̀gá wa rò pé ó jẹ́. Àárín èmi àti ìwọ ni o.” Arìnnà dé ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ sí àyè Má Sọ Síta.

Finífiní rí i níbẹ̀. Ẹrù tó ń pẹ́, ohun tó ń dunni kọ́ nìyẹn? Kí ló ń wá nísàlẹ̀? Yàtọ̀ síyẹn, ìlà kan péré ló jẹ́ kí ìwé náà yọ sí ojú ewé kejì, ìyẹn sì ń yọ ọ́ lẹ́nu bí òkúta inú bàtà. Ó gbé e lọ sí àyè Ohun Tó Ń Dùn Wọ́n, ó so ó mọ́ ìlà tó wà níbẹ̀. Ìwé wọ ojú ewé kan, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó jókòó láti kọ lẹ́tà sí àwọn mẹ́fà tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà, lẹ́tà tí yóò bá tiwọn nìkan mu. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù yín, mẹ́tàdínlógún ló ń pẹ́.” Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Bó bá jẹ́ àṣírí, ló wí fún ara rẹ̀, ṣebí wọn ì bá kọ ọ́ síbí pé ká má sọ ọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó gbé e kúrò níbẹ̀ ló ń béèrè. Ó mọ̀ pé òun ló gbé e kúrò, síbẹ̀ ó fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà ló ṣí i lọ́jọ́ náà. Olórí ìnáwó wọn pe ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, inú gbogbo wọn dùn. Àṣé ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: “Ta ló fún yín ní iye yẹn?” Tábìlì ẹnì kan péré ló ti lè jáde. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti gbé olórí ilé ìkẹ́rùsí lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kékeré kan tó jìnnà, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ méjì lábẹ́ rẹ̀. Ó pe Arìnnà lẹ́ẹ̀kan. “O tà mí,” ló wí, ó sì pa fóònù.

Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Arìnnà dìde. “Ẹ̀bi mi ni. Mo búra fún ara mi pé ibi Má Sọ Síta ni mo kọ ọ́ sí. Mo wá wo ìwé, òfìfo ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ síbi tí kò yẹ. Ẹ má bínú.”

Finífiní wo tábìlì. Ẹyin lohùn, òun ló sì jù ú sílẹ̀ tó fọ́, síbẹ̀ kò jẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Arìnnà ti ra ìwé pélébé kan sápò. Gbogbo nǹkan ló ń kọ sínú rẹ̀. Ọjọ́ kan ó dá Finífiní dúró lórí àtẹ̀gùn.

“Àbúrò, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá mi nìyí. Á fi nǹkan síbi tí kì í gbé. Nígbà tó yá, kò mọ̀ mí mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni màá rí dókítà. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé bí ọdún bá parí, n ó fiṣẹ́ sílẹ̀.”

“Kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà,” ni Finífiní wí. Ojú tì í débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Ọkùnrin kan ti pàdánù ipò rẹ̀, èkejì ti ń bẹ̀rù orí ara rẹ̀, nítorí ìlà kan tí kò fẹ́ kó bọ́ sí ojú ewé kejì.

Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé. Gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ ìwé náà ló tọ́jú, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Finífiní tẹ méjì jáde: èyí tí Arìnnà kọ, àti èyí tí òun tún ṣe. Ó lọ bá a nídìí tábìlì rẹ̀ kó tó jáde lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì kúnlẹ̀.

Arìnnà fi ìka tọ ìlà náà. “Èmi ni mo kọ èyí?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Síbi tó yẹ?”

“Síbi tó yẹ. Èmi ni mo gbé e kúrò. Mo sì mọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dìde ní ìpàdé.”

Omi lé ròrò sí Arìnnà lójú. Ó yọ ìwé pélébé náà lápò, ó ṣí i fún un. Orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, lójú ewé lẹ́yìn ojú ewé.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,” ló wí. “Àràárọ̀ ni mo ń kọ wọ́n kí n má baà gbàgbé wọn. Àràárọ̀ ni ìwọ náà ń kí mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

“Dìde. Jẹ́ ká lọ bá ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, wàá pe ọkùnrin yẹn fúnra rẹ.”

Lẹ́yìn tí wọ́n rí ọ̀gá, Finífiní pè é. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi bò. “Ìyẹn ò ní dá mi padà síbi tí mo wà,” ni ọkùnrin náà wí. “Fún Arìnnà ní fóònù.” Finífiní fún un, ó jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ọ̀gá yọ ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò kúrò, ó ku mọ́kànlá. Ní Mọ́ńdè, Finífiní tètè dé, ó tẹ́ ìwé mọ́kànlá sílẹ̀, àyè Má Sọ Síta ló wà lókè gbogbo wọn báyìí, àwọn kan sì yọ sí ojú ewé kejì. Arìnnà wọlé láìmú ìwé pélébé kankan lọ́wọ́.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Káàárọ̀,” ló dáhùn, ó fa àga, ó jókòó. Kò pè é ní àbúrò.