Gáùn Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Ìlú Ọ̀jọ́ ni mo ti ń ránṣọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin gbé gáùn ìgbéyàwó wọn wá. Sátíìnì funfun ni, wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí láti ìgbà tí wọ́n ti wọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin wọn ni yóò wọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ wọn kúrú, ó sì sanra dáadáa.

Mo wọn àyà ọmọ náà. Gáùn náà fi íńṣì mẹ́rin kéré sí i.

"Tú u, kí o sì fẹ̀ ẹ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ìgbà tí ó tóbi jù fún mi, ẹni tó rán an dín in kù. Kò gbà á ní àkókò."

Mo yí inú gáùn síta fún wọn. "Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà tó dín in kù, ó gé èyí tó ṣẹ́ kù dànù. Ààbọ̀ íńṣì péré ló wà ní etí kọ̀ọ̀kan ojú rírán. Bí mo bá tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí mo fi ìwọ̀nba tí òwú yóò dì mú sílẹ̀, íńṣì kan ni gbogbo rẹ̀ máa fi fẹ̀."

"Íńṣì kan? Aṣọ ńlá báyìí?"

"Aṣọ tí kò sí nínú ojú rírán, níbo ni kí n ti fà á yọ?"

Mo ní kí á gé ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí yóò máa wọ́ nílẹ̀ fún ọmọ náà, kí n rán èyí tí mo bá gé mọ́ abẹ́ abíyá kí ó lè fẹ̀. Wọ́n fìbínú ká gáùn wọn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní fi àlùmọ́gàjí kan ìsàlẹ̀ gáùn àwọn. Ni wọ́n bá gbé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Ibà.

Onítọ̀hún fẹ̀ ẹ́ dé etí pátápátá, bí ẹni pé sátíìnì kì í tú. Ọmọ náà wọ̀ ọ́ wò, ó fún un pinpin; ó gbọ́wọ́ sókè láti de ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, etí aṣọ sì yọ kúrò nínú òwú, ó ya dé ìbàdí. Ó kù díẹ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó pé ni wọ́n tún gbé e padà wá bá mi.

"Ìyàwó wa, ṣe é bí o ṣe mọ̀ ọ́n."

Ẹnu mi kún fún ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ sọ. Mo gé ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo rán an mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìbàdí gba abẹ́ abíyá wọ inú apá, mo sì tú ìṣẹ́po ìbàdí kí ibẹ̀ náà lè fẹ̀. Dídán rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò wo abíyá ìyàwó?

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń sọ fún àwọn àlejò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Mo sọ fún ìyàwó wa pé aṣọ náà máa fẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ṣe ìmẹ́lẹ́ ni."

Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú gírígírí.