Ìpara tí Ìyá Aránṣọ Ò Fẹ́ Kí Dókítà Gbọ́ Nípa Rẹ̀

Ìyá aránṣọ kì í ráhùn. Nígbà tó fi fóònù kọ̀wé sí dókítà ìdílé wọn, ó kí i, ó kí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó wá fi kún un pé: "Ara ń yún mi díẹ̀, a dúpẹ́."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, gba fóònù kó tó fi ránṣẹ́, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó tún un kọ: "Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nǹkan pupa kan tó rí roboto bí òrùka yọ ní apá òsì màmá mi. Ó ti dé ọrùn àti àyà wọn báyìí. Ó máa ń yún wọn gan-an tí wọ́n bá làágùn nídìí máṣíìnì."

"Ìpara tí mo rà fún yín ńkọ́, Màámi?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣé kí dókítà máa rò pé ọmọ mi ò mọ nǹkan ni?"

Ọmọ náà kọ orúkọ ìpara náà. Ó kọ ọ́ pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti ń fi pa á, pé yíyún rẹ̀ ń rọlẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń tàn. Ó sì kọ ẹni tó rà á.

Èsì dé kí tíì tí ìyá ń mu tó tutù: "Ẹ má fi ìpara yẹn pa á mọ́. Ó jọ làpálàpá, ìpara náà ló sì ń jẹ́ kó tàn. Ẹ wá lọ́la kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Ìyá kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Kò bú ẹ," ló wí. "Ṣùgbọ́n o ò bá mi kí ìyàwó rẹ̀."