Àga Ẹnu Ọ̀nà

Iṣẹ́ ìròyìn kíkà ni Mùínátù kọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ni ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Èjìgbò fi lọ̀ ọ́: kó máa gba ìkéde òkú àti ti ìkómọ lọ́wọ́ oníbàárà.

"Gbà á," ni ọ̀gá wọn wí. "Bí àyè akàròyìn bá ṣí, ohùn àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ níbí la kọ́kọ́ ń dán wò."

Àmọ́ ìyá Mùínátù ti sọ fún gbogbo ẹbí ní Abidjan pé ọmọ òun ti di akàròyìn. Wọ́n ti ṣàdúà sí i ní mọ́ṣáláṣí.

"Kí n wá sọ fún wọn pé ẹnu ọ̀nà lo jókòó sí? Dúró, jàre. Ipò rẹ ń bọ̀," ni ìyá wí.

Ó dúró. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọ̀ṣunníkẹ́, gba àga ẹnu ọ̀nà náà. Òjò kan. Ẹ̀ẹ̀rùn kan.

Láàárọ̀ òní, ohùn Ọ̀ṣunníkẹ́ ń ka ìròyìn. Ọwọ́ Mùínátù dúró lórí ẹ̀gẹ́ tó ń bó. Ìyá yára gbé fóònù sẹ́nu rédíò, ó ń gba ohùn náà sílẹ̀ fún àwọn ará Abidjan.

"Má wúkọ́ o. Wọn ò ní mọ ìyàtọ̀."

Mùínátù ò wúkọ́.