Ẹ̀bẹ̀ Tó Wà Nísàlẹ̀ Ojú-ewé Kejì

Mo máa ń kanra lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, torí ìgbà yẹn ni gbogbo Ìkòtún máa ń rántí pé àwọn ní ìwé láti tẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan àti àga mẹ́ta lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, bàbá káfíńtà kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, wọlé pẹ̀lú lẹ́tà kan àti ìwé dókítà lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, wọn ò dá mi lóhùn," ó ní. "Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì."

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Àìsàn ti dá ọmọ náà dúró sí ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Òfin ilé ìwé rẹ̀ sì ni pé ẹni tó bá pàdánù kíláàsì tó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣe ìdánwò ìparí ọdún, àfi tí ọ̀gá ilé ìwé bá fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá gbà, ọmọ yóò tún kíláàsì náà ṣe, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì fi í sílẹ̀.

Ẹnìkan ládùúgbò ló bá a kọ lẹ́tà tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, lédè Òyìnbó, bí bàbá ṣe ń sọ ọ́ fún un gan-an. Nígbà tó padà lọ béèrè láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, akọ̀wé ilé ìwé bá a ṣe fọ́tòkópì èyí tó wà nínú fáìlì. Òun ni mo kà. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ gba ojú-ewé kan gbáko. Ó kí ọ̀gá, ó kí ìdílé ọ̀gá, ó kí àwọn tíṣà, ó dúpẹ́ fún ògiri tuntun tí wọ́n mọ, ó ṣàdúrà, ó sọ bó ṣe dé Èkó, ó tún dúpẹ́. Ìsàlẹ̀ ojú-ewé kejì ni mo ti rí i pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ṣe ìdánwò. Lókè lẹ́tà náà, ẹnìkan ti fi bírò kọ ọ́ pé àwọn ti rí i, kí wọ́n fi sí fáìlì.

Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Wọ́n ti rò pé lẹ́tà ìdúpẹ́ ni! Ẹni tó kà á ti ṣe àmín sí àdúrà, ó sì ti bá tiẹ̀ lọ.

"Bàbá, a máa gé gbogbo òkè yìí kúrò."

"Gé kí ni? Kí n wọlé tọ èèyàn ńlá, kí n má kí i, kí n kàn ní 'ẹ fún mi'? Wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé."

"Òkìtì lẹ́tà ló wà níwájú wọn, bàbá. Ìlà àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n máa tì í sí."

"Ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan, ìkíni ló ń fi ṣáájú, jàre."

A fà á títí. Ohùn mi ga ju bó ṣe yẹ kó ga sí àgbàlagbà lọ, ó ṣì ń tì mí lójú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì nìkan ló kù. Ni mo bá bi í pé: "Tí ilé bá ń jó, ṣé ẹ máa kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyàwó panápaná ni?"

Ó ṣí fìlà, ó tún un dé. "Ka èyí tó o fẹ́ kọ sí mi létí."

Mo gé e. Ògiri lọ, ìtàn Èkó lọ. Àdúrà ni mi ò lè pa rẹ́. Mo fi ìlà kan ṣoṣo sí ìparí. Bí lẹ́tà ṣe wá bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Mo bẹ̀ yín kí ẹ fọwọ́ sí i kí ọmọ mi lè ṣe ìdánwò tó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọsibítù ló wà fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí kò fi wá sí kíláàsì, ìwé dókítà sì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí."

"Ó gbẹ," bàbá ní. Ó fọwọ́ sí i ṣá.

Ní ọjọ́ Ẹtì, akọ̀wé gba lẹ́tà lọ́wọ́ bàbá, kò sì fèsì kankan. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ìbéèrè kan ni mò ń bi ara mi. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá náà kà á sí ìwà àfojúdi ńkọ́? Èmi ni mo gé ìkíni bàbá náà kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù dún.

"Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?"

"Dáadáa ni, bàbá. Ṣé wọ́n—"

"Màmá rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé iná wà níbẹ̀ yẹn?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n gbà?"

"Ọmọ ti wọlé ìdánwò. Ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Àbí kí n má kí ọ ni?"

Mo jókòó sórí àga oníbàárà. Mo wá kí i padà, láti orí ìyàwó rẹ̀ títí dé orí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. N kò fo ẹnì kankan.