Orí Tí Ọwọ́ Nojeem Mọ̀

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá Nojeem, onígbàjámọ̀ kan ní Ìkòsì, lórí fóònù rẹ̀: "Ọ̀gá mi, Sátidé ni ìgbéyàwó mi. Mo máa dé ní aago mẹ́fà àárọ̀. Irun, ẹ gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Irùngbọ̀n, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é." Kò forúkọ sí i, Nojeem ò sì mọ nọ́ńbà náà.

Báwo lòun ṣe máa ń ṣe é? Ta ni? Ọ̀rọ̀ náà tojú sú u. Ojú ń tì í láti béèrè, ta ló fẹ́ gbọ́ pé ọ̀gá òun ti gbàgbé òun? Ó kàn fèsì pé, "Ẹ máa bọ̀, sà."

Ní Sátidé, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wọlé, ó jókòó. Nojeem wo ojú rẹ̀ nínú dígí títí, kò dá a mọ̀. Ó fi sípíríìtì nu kílípà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí. Lẹ́yìn etí òsì, ọwọ́ rẹ̀ kan àpá ńlá kan tó ti máa ń gẹrun yí ká rí, ó dúró.

Ó ní, "Ṣọládé, ṣé kí n fá ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí n fi ti àgbọ̀n sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe é kó o tó lọ sí Abẹ́òkúta?"

"Ọ̀gá mi, mo mọ̀ pé ẹ ò lè gbàgbé mi."

Nojeem fi kílípà fàlà ìsàlẹ̀ irùngbọ̀n sí ọrùn rẹ̀, ní ìwọ̀n ìka méjì sókè gògóńgò. Ọwọ́ ló rántí, ẹnu ló gba ọpẹ́.